Fèrè Onírọ́bà Mẹ́tàdínlógún Ló Bẹ́ Kí Wọ́n Tó Dárúkọ Ọmọ

Mo kà wọ́n ni. Inú ń bí mi, mi ò sì rí nǹkan mìíràn ṣe, mo bá ń kà. Àkọ́kọ́ dún "pàá!", àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìkejì dún, ọmọ tuntun ta gìrì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kí àgbà tó máa dárúkọ ọmọ tó gba máìkì, ó ti di mẹ́jọ, ọmọ ti figbe ta, bàbá kan tó jókòó níwájú sì ti tẹrí ba bí ẹni tó gbọ́ ìró ìbọn.

Ìkómọ ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni, èmi ni mo sì lọ gba àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́. Èèyàn méjì péré ni wọ́n, ọ̀dọ́bìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ohun tí wọ́n bá wa ṣe ni aṣọ ẹ̀yìn tó wà níbi àga ìyá ọmọ, fèrè onírọ́bà tí wọ́n tò yí i ká, àti aṣọ àga. Mi ò ní sọ bó ṣe rí lójú. Ó dára, gbogbo èèyàn ló yà fọ́tò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òwúrọ̀ ná, torí ibẹ̀ gan-an ló ti wù mí. Aago méje ni wọ́n dé. Gbogbo ẹrù wọn wọ inú búùtù mọ́tò kan: pọ́ǹpù oníná ẹlẹ́nu méjì, irin tí wọ́n ń tò pọ̀, aṣọ méjì, okùn apẹja, àpò iyanrìn mẹ́rin àti páálí kan tí wọ́n gé ihò róbótó sí lára. Páálí yẹn ni mo ń wò. Gbogbo fèrè tí ọmọkùnrin yẹn bá fọn ló ń kì bọ inú ihò náà. Tó bá há, a tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀. Tí àyè bá ṣẹ́ kù, a fi kún un. Lẹ́yìn náà ni yóò so méjì pọ̀ lọ́rùn, yóò lọ́ méjì mìíràn mọ́ ọn, ó di ìdì mẹ́rin, wọ́n á sì lọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan mọ́ okùn apẹja. Àwọn kéékèèké oníǹṣì 5 ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ sí ojú àlàfo. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún fèrè tó wọ ara irin náà. Afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n fọn sí wọn, kì í ṣe gáàsì tó ń gbé fèrè fò. Nígbà tí mo béèrè, ọmọbìnrin náà ní, "Irin ló gbé e dúró, mà. Kí la fẹ́ fi gáàsì ṣe?" Ó bọ́gbọ́n mu. Pẹ̀lú ẹrù tí kò kún búùtù kan, wọ́n ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn aṣọ àga pàápàá kì í ṣe tiwọn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń háyà wọn.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wọ́n lọ. Ẹ̀dùn ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: wọn ò fi ẹnì kankan sílẹ̀! Nígbà tí fèrè ń bẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pe ọmọbìnrin náà kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù. Àbúrò rẹ̀ ló sì gbé e: "Ẹ má bínú, mà, ọwọ́ àǹtí mi ò dilẹ̀. À ń tò ìjókòó ìgbéyàwó kan lọ́wọ́." Mo sọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí.

Ìṣẹ́jú 25 lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin náà dé pẹ̀lú pọ́ǹpù lọ́wọ́. Kò ṣàwáwí rárá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún un ṣe, mà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bú mi." Ó fi ìka tẹ àwọn fèrè tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá le gbandi ni yóò gún ní ibi tó súnmọ́ ọrùn rẹ̀ kó má baà dún. Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe: ọrùn fèrè ni rọ́bà ti nípọn jù, afẹ́fẹ́ máa ń yọ́ jáde níbẹ̀ ni. Ó bẹ ọkùnrin mẹ́ta pé kí wọ́n bá a gbé irin náà wọ abẹ́ kánópì, ó kó àpò iyanrìn lé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó sì fọn àwọn tuntun. Ogún ìṣẹ́jú ló gbà. Wọ́n dárúkọ ọmọ, kò sí èyí tó bẹ́ mọ́.

Ìgbà tó ń kó ẹrù ni mo wá lọ bá a láti bá a jà. Ó mú fèrè kan, ó ní, "Ẹ wo ọrùn rẹ̀, mà. Nígbà tí mo fọn ún, róbótó ló rí. Ní báyìí ọrùn ti gùn, ó dà bí gílóòbù iná. Ó ti kún dé góńgó nìyẹn." Àwọn tó bẹ́, àwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, dúdú àti pupa ràkọ̀ràkọ̀, funfun kankan ò bẹ́. Àwọ̀ tó dúdú ló ń fa ooru mọ́ra jù. Inú yàrá tútù ni wọ́n ti fọn wọ́n. Tí afẹ́fẹ́ bá kúrò ní ìwọ̀n ooru 20 lọ sí 40, ó ń fẹ̀ tó bíi 7 nínú 100, rọ́bà tí a ti fà tán kò sì ní àyè fún ìyẹn. Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ ọmọ níléèwé. Ojú tì mí díẹ̀.

Ó wá ní, "Tó bá jẹ́ inú oòrùn ni, ìǹṣì 9 ni mo máa ń fọn oníǹṣì 11 sí. Ẹ̀yin lẹ ní abẹ́ kánópì ni, mo bá fọn ún sí 10." Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ wa hàn mí. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: "Ṣé ìta ni, mà? Aago mélòó ni oòrùn máa ń débẹ̀?" Ìdáhùn mi: "Abẹ́ kánópì ni, má ṣèyọnu." Abẹ́ kánópì ni àwọn àlejò wà lóòótọ́. Àga ìyá ọmọ wà létí rẹ̀, oòrùn sì débẹ̀ ní aago mọ́kànlá.

Síbẹ̀, ó yẹ kó wá wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Ó sì yẹ kó fi ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀ tòun ti pọ́ǹpù títí wọ́n á fi dárúkọ ọmọ. Mo sọ fún un, ó ní tí òun bá fi í sílẹ̀, òun ò ní lè dá gba iṣẹ́ kejì ọjọ́ náà ṣe. Ìṣòro tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

Ti owó ìdógò ńkọ́? Ọjọ́ kejì ló dá a padà, àmọ́ ó yọ owó bóòtù kan tí wọ́n fi ń de irin náà pọ̀ kúrò. Mo ní irọ́ ni. Ó fi fọ́tò tó yà nígbà tí wọ́n kó irin dé ránṣẹ́: bóòtù méjìlá, ó tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí eyín. Mọ́kànlá ló kó lọ. A fa ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo pè é ní ahun, ó ń dá mi lóhùn pẹ̀lú "ẹ má bínú, mà" tó túbọ̀ ń bí mi nínú. Lánàá, mo rí bóòtù náà nínú báàgì tí mo gbé lọ síbi ìkómọ. Ẹ má béèrè bó ṣe débẹ̀.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5, torí ọmọ náà ṣì ń ta gìrì tí ilẹ̀kùn bá dún. Òun ni yóò ṣe ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin. Mo ti sanwó, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọkùnrin yẹn ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.