Àgbéyẹ̀wò ilé iṣẹ́ tí ó bá mi tún lẹ́tà ẹ̀dínwó kọ

Oúnjẹ adìyẹ ni mo ń tà ní Ìbàdàn, àwìn 30 ọjọ́ sì ni mo máa ń fún àwọn oníbàárà mi. Nígbà tí mo fẹ́ kí owó tètè máa wọlé, mo kọ lẹ́tà sí wọn pé: “Ẹni tí kò bá sanwó láàárín ọjọ́ 10 yóò pàdánù ẹ̀dínwó ìdá 2 nínú 100.” Kò pé wákàtí kan tí ìyá kan tí ó ti ń rajà lọ́wọ́ mi tipẹ́ fi pè mí: “Ṣé mo ti jẹ ọ́ lówó sá lọ rí ni, tí o fi ń halẹ̀ mọ́ mi?”

Ìtìjú ìpè yẹn ni ó gbé mi dé ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ó máa ń bá oníṣòwò kọ lẹ́tà. Wọ́n gba ₦15,000, wọ́n sì ní ọjọ́ méjì péré ni. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lò, àwáwí ọ̀tọ̀ ni ọmọbìnrin tí ó ń gbé fóònù sì ń rò fún mi lójoojúmọ́. Mo ti múra láti gba owó mi padà kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ní kí n mú ìwé owó ọjà kan wá. Ti ìyá yẹn ni mo mú wá. Ó fi bírò fa ìlà sórí “pàdánù”, ó sì kọ ọ́ báyìí:

“Owó ọjà yín jẹ́ ₦450,000, ẹ sì ní àyè títí di ọjọ́ 3 oṣù Keje láti san án, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn láti san án tán nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, ₦441,000 ni ẹ ó san, ₦9,000 yòókù sì di tiyín.”

Ó ṣàlàyé pé àyè 30 ọjọ́ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti gé àwìn òun kù. Ó fi déètì rọ́pò “ọjọ́ 10” nítorí pé ọjọ́ tí ọjà dé ni oníbàárà máa ń kà, nígbà tí èmi ń ka ọjọ́ tí mo kọ ìwé. “Mà, owó náírà ni ènìyàn ń ná, kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún.” Ó tún bi mí bóyá mo mọ̀ pé fífi ₦9,000 sílẹ̀ kí ₦441,000 lè fi 20 ọjọ́ yá dà bí yíyá owó ní èlé bí ìdá 37 nínú 100 lọ́dún. Inú kọ́kọ́ bí mi, nítorí n kò bi í. Àmọ́ láti ìgbà náà, àsìkò tí mo bá fẹ́ ra àgbàdo púpọ̀ pamọ́ nìkan ni mo ń ṣe ẹ̀dínwó náà.

Èmi ni mo ṣàkíyèsí pé lẹ́tà náà kò sọ bóyá ọjọ́ tí owó bá wọ báǹkì ni a ó kà. Wọ́n fi gbólóhùn kan kún un, wọ́n sì gba ₦3,000 sí i!

Ìyá náà sanwó ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà. Ó ní ₦9,000 òun ti di oògùn àjẹsára adìyẹ.

Máàkì 2 nínú 5. Mo ti gbé lẹ́tà méjì mìíràn fún wọn.