Ìkẹjà tó dájú, àbí Ìkòyí tó ń pè?

Ká ní o ń gbé Ọ̀gbà, o ń gba ₦350,000 lóṣù níbi iṣẹ́ rẹ ní Ìkẹjà, iléeṣẹ́ kan ní Ìkòyí wá fẹ́ san ₦450,000. Ó dà bí èrè ₦100,000. Ṣùgbọ́n bí owó ọkọ̀ bá kúrò ní ₦2,000 lójúmọ́ tó di ₦6,000, ọjọ́ iṣẹ́ 22 yóò gbé ₦88,000 lọ. ₦12,000 péré ló kù, a ò sì tíì ka sún-kẹẹrẹ orí afárá mọ́ ọn.

Tún wo owó ìfẹ̀yìntì. Bí Ìkẹjà bá ń dá tirẹ̀ sí i lóṣooṣù, tí Ìkòyí ní ó di ẹ̀yìn oṣù mẹ́fà ìdánwò, èrè yẹn ti jóná. Nítorí owó nìkan, èmi ò ní lọ. Bó bá jẹ́ ipò tí wàá ti kọ́ iṣẹ́ tí Ìkẹjà kò ní fún ọ láéláé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Má fi kọ̀ǹpútà tàbí ímeèlì ọ́fíìsì wá iṣẹ́ tuntun. Àwọn tó ń bójú tó o lè rí i. Ọ̀gá àtijọ́ ni kó jẹ́rìí rẹ. Kí lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.