Ìwé ìbéèrè àtijọ́ WAEC fún Matimátíìkì: ohun tí ó wúlò fún àti ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní Kubwa, ní Abuja. Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni àkójọ ìbéèrè àtijọ́ WAEC fún Matimátíìkì tí wọ́n ń tà lọ́jà níbí, èyí tí ó kó ìbéèrè ọ̀pọ̀ ọdún jọ, tí ìdáhùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára èèpo rẹ̀ pé ẹni tí ó bá kà á yóò mọ ohun tí yóò jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí ìwé náà lè fi hàn ni ọ̀nà tí wọn yóò gbà béèrè, ìyẹn nìkan sì tó fún mi láti ná owó lé e.

Pépà kejì ni mo fi ṣiṣẹ́ jù. Ìbéèrè 13 ni ó máa ń wà níbẹ̀: 5 àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, wọ́n sì gba máàkì 40, nínú 8 tí ó kù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú 5 fún máàkì 60. A kò ka ìwé náà láti ọdún dé ọdún. A fa tábìlì sínú ìwé mìíràn, a kọ àkòrí sí ẹ̀gbẹ́, a kọ ọdún sí òkè, a kò sì kàn fi àmì sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gan-an ni a kọ síbẹ̀, ní títẹ̀léra. Nígbà tí a ṣe èyí tán fún gíráàfù, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan tí mo fúnra mi gbé kalẹ̀ ní irú àṣà wọn ṣàlàyé. Wọn yóò fún ọmọ ní y = x² − 2x − 3, láti x = −2 títí dé x = 4. Yóò kọ́kọ́ parí tábìlì, níbi tí y ti bẹ̀rẹ̀ ní 5, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí 0, −3 àti −4, tí ó sì tún gòkè sí −3, 0 àti 5. Yóò wá ya gíráàfù náà ní ìwọ̀n tí wọ́n bá sọ, bóyá sẹ̀ǹtímítà 2 fún ẹyọ 1. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò ní kí ó fi yanjú x² − 2x − 3 = 0, èyí tí kò le, nítorí pé ibi tí gíráàfù ti gé ìlà x ni yóò kà: −1 àti 3.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń jẹ máàkì àwọn ọmọ: “Fi gíráàfù rẹ yanjú x² − 3x − 1 = 0.” Ìdọ́gba yìí kì í ṣe èyí tí ọmọ yà. Ohun tí yóò ṣe ni pé kí ó yọ ìdọ́gba tuntun kúrò nínú ti àkọ́kọ́:

```
(x² − 2x − 3) − (x² − 3x − 1) = x − 2
```

Yóò wá fi rúlà fa ìlà y = x − 2 sórí pépà kan náà, láti (0, −2) gba (2, 0) kọjá. Ibi méjì tí ìlà náà ti gé gíráàfù ni ìdáhùn, nǹkan bíi −0.3 àti 3.3. Ọmọ kan bẹ̀ mí pé, “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kúkú fi fọ́múlà ṣe é.” Nọ́ńbà kan náà ni yóò rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n “fi gíráàfù rẹ” ni ìbéèrè wí, ìlà yẹn sì ni ẹni tí ń máàkì yóò máa wá.

Nọ́ńbà ń yí padà láti ọdún dé ọdún, nígbà mìíràn sin x àti cos x ni wọn yóò lò dípò x², ṣùgbọ́n léraléra ni ìbéèrè tí ń fẹ́ ìlà kejì yìí máa ń wà ní ìparí ìbéèrè gíráàfù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti rí i nínú tábìlì wa ti ń retí rẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ibi yìí gan-an ni ìwé náà ti já mi kulẹ̀. Fọ́múlà ni ìdáhùn ẹ̀yìn rẹ̀ lò, kò fa ìlà kankan. Àwọn ojú ìwé kan sì wà tí wọ́n kọ “nínú àwòrán yìí” lórí ìbéèrè nípa òbìrípo, tí àwòrán kò sì sí. Nínú àwọn ìbéèrè tí a ti ń yan ìdáhùn láti A dé D, àwọn ìdáhùn kan kò tọ̀nà. Bí a bá dá iye x tí ìwé kọ padà sínú ìdọ́gba, tí apá méjèèjì kò dọ́gba, ìwé ni ó ṣì í, kì í ṣe ọmọ. Mo ti wá ń fi ojúlé ẹ̀kọ́ tí WAEC fúnra rẹ̀ ṣí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tì í lẹ́yìn, níbi tí àwọn olórí olùdánwò ti sọ ohun tí àwọn ọmọ ṣe àṣìṣe lé lórí.

Ohun kan tí tábìlì wa kò lè ṣe ni kí ó sọ pé àkòrí kan “ti kàn.” Bí lọ́ńgítúùdì àti látítúùdì kò bá jáde fún ọdún méjì, ìyẹn kò sọ pé yóò jáde lọ́dún yìí, nítorí kò di dandan kí ẹni tí ń ṣètò ìbéèrè tẹ̀ lé òǹkà wa, ohun tí ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì ló lè mú. Nítorí náà, mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan fo àkòrí kan nítorí ohun tí ó rí nínú ìwé náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó ṣí i sí ìdáhùn ìbéèrè gíráàfù kan kí ó tó sanwó. Bí kò bá rí gíráàfù tí wọ́n yà níbẹ̀, kí ó wo òmíràn lórí àtẹ.