Táìsì 30 àti táìsì 60: ohun tí yàrá kan ṣoṣo yóò ná ẹni tó fẹ́ tẹ́ ẹ

Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra táìsì máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye owó sukúéà mítà kan. Yóò wọn yàrá rẹ̀, yóò fi gígùn ìlọ́po ìbú, yóò fi ìdá 10 nínú 100 lé e nítorí àgékù àti èyí tó bá fọ́, yóò sì ra páálí tó bá iye náà mu. Ọ̀nà yìí máa ń gbè é nígbà mìíràn, ó sì máa ń já a kulẹ̀ nígbà mìíràn. Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ náà ni bí táìsì ṣe bọ́ sí gígùn àti ìbú yàrá gan-an. Nítorí náà, yàrá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú, kí n fi táìsì méjì tẹ́ ẹ lórí ìwé: èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú àti òòró, àti èyí tó jẹ́ 60.

Ìbú yàrá náà jẹ́ mítà 3.70, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.30. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sukúéà mítà 15.91. Bí a bá fi ìdá 10 nínú 100 lé e, yóò di 17.5. Táìsì 60 kan jẹ́ sukúéà mítà 0.36, nítorí náà ìṣirò yìí ní kí a ra 49. Táìsì 30 kan jẹ́ 0.09, ìṣirò kan náà sì ní kí a ra 195.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka ìlà dípò kí a fi ìdá ṣírò. Láàárín táìsì kan àti èkejì, a máa ń fi àlàfo sílẹ̀. Mo mú mìlímítà 3. Ìyẹn ni pé táìsì 60 kọ̀ọ̀kan gba mìlímítà 603, táìsì 30 sì gba 303. A ó pín ìbú yàrá sí i, a ó pín gígùn náà sí i, a ó sì gbé èsì kọ̀ọ̀kan lọ sókè sí odidi, nítorí pé táìsì tí a gé kúrú náà jẹ́ táìsì kan tí a ti san owó rẹ̀.

```
ceil(3700/603) × ceil(4300/603) = 7 × 8 = 56
ceil(3700/303) × ceil(4300/303) = 13 × 15 = 195
```

Èsì náà yẹ kí ó dá ẹni tó ń rà dúró. Táìsì 30 gba 195, gẹ́gẹ́ bí ìdá 10 ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Táìsì 60 gba 56, meje sì ni ẹni tó ra 49 yóò fi wá nígbà tí iṣẹ́ bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lórí táìsì 60, ohun tí a rà fi ìdá 27 nínú 100 ju ilẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ìlà 6 péré ni táìsì odidi gbà lórí ìbú náà, tí ó sì ku nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8, àti pé táìsì kan tí a bá là yóò bo ọ̀pọ̀ irú ibi tóóró bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, táìsì 45 sì lè tẹ́ yàrá náà lọ́nà yìí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n bá tẹ́ báyìí: ẹ̀gbẹ́ ògiri kan ní táìsì odidi, èkejì ní ègé tóóró bí ìka mẹ́rin, ègé náà sì máa ń la nígbà gígé, nítorí pé tóóró kò lágbára. Bí ògiri kò bá sì tọ́ dáadáa, ègé náà yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 ní igun kan àti 6 ní igun kejì, ojú ẹni tó bá wọlé yóò sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yóò mú ìlà odidi kan kúrò, yóò fi 5 sí àárín, yóò sì pín ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ègé kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 34, tó ju ìlàjì táìsì lọ. Táìsì kan kò lè mú irú ègé bẹ́ẹ̀ méjì jáde. Ibẹ̀ ni 56 ti wá, lójú tèmi sì nìyẹn ni owó tó yẹ kí a san.

Àgékù táìsì 60 wọ̀nyí kì í ṣe ohun à-dà-nù bí ẹ bá fẹ́ kí táìsì kan náà gun ẹsẹ̀ ògiri. Ohun tó kù lára táìsì kọ̀ọ̀kan tí a gé jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 26 ní ìbú àti 60 ní gígùn. Ó lè mú ọ̀pá méjì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 jáde. Àyíká yàrá wa jẹ́ mítà 16. Bí a bá yọ ẹnu ọ̀nà kan kúrò, ó ku nǹkan bí mítà 15.1, tó gba ọ̀pá 26, ìyẹn àgékù 13. Yàtọ̀ sí táìsì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àgékù tó dára tí yàrá yìí mú wá jẹ́ 22. Ẹsẹ̀ ògiri ti jáde láìra táìsì kan sí i. Níbi tí ọ̀pá bá ti ní etí tí ilé iṣẹ́ ṣe, kí oníṣẹ́ gbé e sókè, kí ó kọ etí tí ó gé sísàlẹ̀, nítorí pé etí tí a gé máa ń rí gbágungbàgun. Táìsì 30 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àgékù rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12 péré, ọ̀pá kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú jáde: a nílò 51, a rí 48, táìsì méjì sí i yóò sì dí àlàfo náà.

Páálí ni wọ́n ń tà, wọn kì í tú u. Ẹ jẹ́ kí a mú páálí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bo sukúéà mítà 1.44, ìyẹn táìsì 60 mẹ́rin tàbí táìsì 30 mẹ́rìndínlógún. (Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára èyí tí ẹ fẹ́ rà, nítorí pé iye yìí ń yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn.) Táìsì 60 mẹ́rìndínlọ́gọ́ta jẹ́ páálí 14 géérégé, kò sì sí ọ̀kan tó ṣẹ́kù fún èyí tó bá fọ́, nítorí náà a ó ra 15. Táìsì 30 jẹ́ páálí 13, tí ó mú 208 wá, èyí tó ṣẹ́kù níbẹ̀ sì tó fún ọ̀pá tó dín àti fún èyí tó bá là. Nítorí náà, bí sukúéà mítà méjèèjì bá jẹ́ iye kan náà, táìsì 60 ṣì fi ìdá 15 nínú 100 wọ́n ju èkejì lọ nínú yàrá yìí. Kí owó wọn tó lè dọ́gba, páálí táìsì 60 gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 dínwó ju ti 30 lọ.

Nínú yàrá mìíràn, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Bí ìbú bá jẹ́ mítà 3.60 tí àlàfo àti etí ògiri sì bá a mu, táìsì 60 lè wọlé pẹ̀lú àgékù díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ táìsì ní ìgun sí ìgun ni kí ó máa ronú nípa ìdá 15, nítorí pé gbogbo etí ni yóò gé.

Gọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣírò títí tí iṣẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ni a ń fi gọ́ọ̀mù bò, nítorí náà sukúéà mítà 15.91 ni kí a lò fún un, kì í ṣe iye táìsì tí a rà. Fún táìsì 30, tí oníṣẹ́ bá fi irin eléyín mìlímítà 8 fà á, kílò 4 fún sukúéà mítà kan tó. Táìsì 60 ń fẹ́ eyín mìlímítà 10 tàbí 12, a sì tún gbọ́dọ̀ fi gọ́ọ̀mù ra ẹ̀yìn táìsì náà fúnra rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa há sí abẹ́. Kí a mú kílò 6. Bí a bá fi ẹsẹ̀ ògiri kún un, àkọ́kọ́ yóò gba nǹkan bí kílò 70, ìyẹn àpò oníkílò 20 mẹ́rin. Èkejì yóò lé díẹ̀ ní kílò 100, àpò karùn-ún kò sì ní tó, a ó ra ìkẹfà.

Iye yìí dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ gbé ọ̀pá gígùn títọ́ tó tó mítà 3 lé ilẹ̀, kí ẹ sì wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Táìsì kékeré lè fara da mìlímítà 6. Táìsì ńlá kò fẹ́ ju 3 lọ, nítorí pé ara rẹ̀ kò lè tẹ̀ lé kòtò. Mìlímítà kan tí a bá fi gọ́ọ̀mù gbé sókè ń gba nǹkan bí kílò 1.3 fún sukúéà mítà kan, tó túmọ̀ sí pé nínú yàrá wa, mìlímítà kọ̀ọ̀kan ń jẹ àpò kan. Mo ti rí yàrá tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí kòtò rẹ̀ títí tí iye àpò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, nígbà tí ìpara símẹ́ńtì tẹ́ẹ́rẹ́ ì bá ti tẹ́ ilẹ̀ náà lówó pọ́ọ́kú. Bí ẹ bá fi ìka kan táìsì lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ó dún bí agbè òfìfo, gọ́ọ̀mù kò kún abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ là bí ohun tó wúwo bá bọ́ lé e.

Símẹ́ńtì tí a fi ń dí àlàfo ni ibi tí táìsì ńlá ti rẹlẹ̀. Àlàfo rẹ̀ kò pọ̀, nǹkan bí kílò 2.3 ni yóò gbà, tí ti táìsì 30 á sì jẹ́ nǹkan bí 4.

Ní ti owó oníṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lé lórí ni sukúéà mítà èwo ni ẹ fẹ́ san. Bí oníṣẹ́ bá ka páálí tí a tú, yóò gba owó lórí 20.16 fún táìsì 60. Bí ó bá wọn ilẹ̀, yóò gba a lórí 15.91. Ilẹ̀ ni mo gbà pé ó tọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ògiri ní iye tirẹ̀ lórí mítà gígùn, kí títẹ́jú ilẹ̀ sì ní tirẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nyí ni wọ́n máa ń fà yọ nígbà tí a ti san ìdajì owó tán. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí oníṣẹ́ bá béèrè jù lórí táìsì ńlá. Táìsì tí yóò gbé kò tó ìdá mẹ́ta ti èkejì, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bí kílò 7, ó sì ń ra ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ohun ìdìmú dá etí wọn dọ́gba kí ọ̀kan má bàa ga ju èkejì lọ.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ ra páálí 13 tàbí 15 náà, ẹ yẹ nọ́ńbà àti àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páálí kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó gbé wọn, kí gbogbo wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà. Nígbà kan tí táìsì tán nílé wa, mo padà lọ ra páálí kan tí orúkọ rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, àmọ́ nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Nínú páálí, ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan; nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, táìsì mẹ́fà tó wà níbẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní.