Bàtà onífóòmù, kílọ́ọ̀gì aláwọ, tàbí bàtà olókùn: èwo ni kí nọ́ọ̀sì rà?

Ẹni tó bá ń fi wákàtí 12 dúró lórí táìsì mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn kì í ṣàánú ẹsẹ̀. Ohun tí bàtà kò bá gbà, gìgísẹ̀, orúnkún àti ẹ̀yìn ni yóò gbà á. Kí ẹ tó ra bàtà, ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Bàtà onífóòmù, irú Kírọ́ọ̀sì, ló fúyẹ́ jù, omi kì í sì í wọ inú fóòmù rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí i, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sì nù ún. Yàrá ìgbẹ̀bí ló yẹ jù. Ṣùgbọ́n ẹ má ra oníhò wá síbi iṣẹ́: abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ lè gba ihò yẹn gún yín lẹ́sẹ̀. Èyí tí òkè rẹ̀ dí pátápátá ni kí ẹ béèrè. Fóòmù a tún máa tẹ́ bó bá pẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí gìgísẹ̀ ń gbé sí nínú rẹ̀. Bí ó bá ti fẹlẹ́, tí kò sì dìde mọ́, bàtà náà ti parí iṣẹ́, kódà bí òkè rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ má sá a sóòrùn o, ooru ń mú un súnkì.

Kílọ́ọ̀gì aláwọ, bàtà tí a kàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ láìsí okùn, wúwo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, kì í tẹ̀ kọrọdọ. Líle yẹn gan-an ló ń ran ẹni tó dúró sójú kan ní tíátà iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́; bí ó bá sì fẹ́ rìn, iwájú bàtà náà tó ká sókè díẹ̀ ló ń gbé ẹsẹ̀ lọ. Gìgísẹ̀ yín yóò máa yọ díẹ̀ bí ẹ bá ń rìn, ìyẹn kò burú. Òkè ẹsẹ̀ ni kó dì yín mú. Ẹni tó máa ń sáré lọ sáré bọ̀ ní wọ́ọ̀dù ni mi ò ní dámọ̀ràn rẹ̀ fún, nítorí ó ga, ó sì rọrùn kí ọrùn ẹsẹ̀ yí nínú rẹ̀.

Fún wọ́ọ̀dù, bàtà olókùn ni mo fara mọ́. Ó di gìgísẹ̀ mú, bí ẹsẹ̀ bá sì wú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ó tú okùn díẹ̀. Aláwọ ni kó jẹ́, torí aláṣọ a máa fa ẹ̀jẹ̀ mu.

Ẹ̀yin tó ń ra òkìríkà, ẹ fara balẹ̀ síbí. Irú ìsàlẹ̀ kan wà tí wọ́n fi ike kan tó ń jẹ́ pọ́líúrétéènì ṣe. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, kódà bí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́. Bàtà náà yóò dà bí tuntun lórí igbá, yóò sì fọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́sẹ̀ yín láàárín ṣíìfù. Ẹ fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ náà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó ń rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ, tàbí tí ìlà là níbi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.