Fọ́tò fóònù àbí ìwé àkọsílẹ̀?

Ká ní à ń ṣe fíìmù, tí a ya síìnì 14 lọ́jọ́ Ajé, a wá ya síìnì 15 lọ́jọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ alẹ́ kan náà ni nínú ìtàn. Ìmúra àti ìṣesí òṣèré gbọ́dọ̀ bára mu nínú síìnì méjèèjì; kí la máa fi rántí wọn, fọ́tò fóònù àbí ìwé tí a kọ ọ́ sí? Ní ti gèlè, fọ́tò ni mo fara mọ́: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, kí etí tó bò hàn kedere. Ẹ ya fọ́tò náà lẹ́yìn tí olùdarí bá ti gba síìnì náà, torí gèlè a máa yẹ̀ lójú iṣẹ́.

Àmọ́ fọ́tò ò lè sọ ọwọ́ tí òṣèré fi gbé ife kalẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Ìwé ló ń sọ ìyẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà síìnì sórí pákó, kí òṣèré dì í mú nínú fọ́tò. Láìsí i, fọ́tò náà á sọnù sínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn.