Ìbéèrè àkàyé: ká fọ́n ọn ká àyọkà, àbí ká tò ó sórí ibì kan?

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn Ìjàpá tó lọ gba àsèjẹ ìbímọ fún Yáníbo, ìyàwó rẹ̀. Olùkọ́ kan lè fọ́n ìbéèrè ká a: ìrántí ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí ní àárín, ìdájọ́ ní ìparí. Ẹlòmíì á dúró síbi tí Ìjàpá ti tọ́ àsèjẹ wò, á máa béèrè láti orí ìrántí lọ sí ìdí, títí dé ìdájọ́: "Kí ni babaláwo kìlọ̀ fún un?" "Kí ló mú un rú òfin náà?" "Ta lẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù, Ìjàpá ni àbí babaláwo tó fi oògùn náà rán an? Fi ohun méjì nínú ìtàn gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀."

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ló yẹ ìdánwò, torí ẹni tó kùnà ìbéèrè kan ṣì lè gba òmíràn. Àmọ́ ìdájọ́ ibẹ̀ sábà máa ń já sí "Ǹjẹ́ ojúkòkòrò dára?", èyí tí ẹni tí kò ka ìtàn rárá lè dáhùn. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn ní kíláàsì, torí ìdájọ́ rẹ̀ ń dá ọmọ padà sínú àyọkà. Àléébù rẹ̀ ni pé ìbéèrè kan lè tú ìdáhùn òmíràn síta: "rú òfin" ti sọ pé òfin wà.

Ẹ ṣọ́ "kí ló mú un" náà o. Bí àyọkà bá ti kọ ọ́ pé òórùn àsèjẹ ló fà á, ìrántí lásán nìyẹn. Ẹ yí i sí: "Kí ni Ìjàpá ṣe ṣáájú tó fi hàn pé kò ní lè pa òfin náà mọ́?"